Jẹ̀díjẹ̀dí: Kí lẹ lè ṣe nílé bí ìdí bá ń dùn yín tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń jáde, ìgbà wo ló sì yẹ kí ẹ lọ rí dókítà?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ awakọ̀ tírélà kan, ẹni ọdún 38, tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà láti Kánò lọ sí ọjà Máìlì 12 nílùú Èkó. Nítorí pé kò fẹ́ máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà, omi ọ̀rá kan ṣoṣo ló máa ń mu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Búrẹ́dì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló ń jẹ lọ́sàn-án, ìrẹsì funfun àti ẹran ló ń jẹ lálẹ́. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n ọ́n láàárín ọ̀nà, á fún un mọ́ra títí tí yóò fi dé ibi tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ tó yà le bí òkúta. Ó fi ipá yà á, ó sì pẹ́ lórí ìjókòó. Nígbà tó nu ìdí, ó rí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò lórí tíṣù, kò ju ẹ̀kán bíi mẹ́ta lọ. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí rẹ̀, ó sì bá kókó kékeré kan níbẹ̀ tó tóbi tó èso ẹ̀wà, tó ń dùn ún gan-an. Ní gáréèjì, gbogbo ẹni tó sọ fún ló ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó lọ mu àgbo inú ògógóró.

Ó ṣeé ṣe kí orúkọ tí wọ́n pè é tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un kò tọ̀nà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ohun tó lè ṣe nílé, àti àwọn àmì tó yẹ kó mú un gba ilé ìwòsàn lọ.

Kí ni jẹ̀díjẹ̀dí gan-an?

Gbogbo èèyàn ló ní ohun tí jẹ̀díjẹ̀dí ti ń jáde. Nínú ihò ìdí, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣù jọ bíi tìmùtìmù kéékèèké. Iṣẹ́ wọn ni láti bá ihò ìdí dé dáadáa, kí afẹ́fẹ́ tàbí ìgbẹ́ tó rọ̀ má baà máa jáde lójijì. Ìgbà tí tìmùtìmù wọ̀nyí bá wú ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọ́n yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn, ni a tó ń pè é ní àìsàn.

Àìsàn yìí kò mọ ààlà. Àwọn Hausa ń pè é ní basur, àwọn Akan ní orílẹ̀-èdè Gánà ń pè é ní kooko, ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú ńlá sì ń pè é ní páìlì. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, ohun tí à ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí ju èyí lọ. Àwọn kan ń fi orúkọ náà pe ìgbẹ́ ọ̀rìn, àwọn kan ń fi pe inú rírun, àwọn mìíràn sì ń fi pe ẹ̀yìn dídùn tàbí àìlera ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo lè bo àìsàn mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́lẹ̀ tí ìtọ́jú wọn kò jọra.

Báwo lẹ ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe yín?

Jẹ̀díjẹ̀dí tó wà nínú, lókè ihò ìdí, kì í sábà dunni, nítorí pé ara tó wà níbẹ̀ kì í mọ ìrora bí awọ ara ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ni àmì tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń pupa fòò, ó máa ń wà lórí tíṣù, tàbí kó kán sínú omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ara ìgbẹ́ láti ìta. Kì í pò mọ́ ìgbẹ́. Nígbà mìíràn, nǹkan rírọ̀ kan máa ń yọ síta bí èèyàn bá ń yàgbẹ́, yóò sì padà wọlé fúnra rẹ̀ tàbí kí èèyàn fi ọwọ́ tì í padà.

Èyí tó wà ní ìta ló máa ń dunni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, kókó líle kan tó dúdú díẹ̀ bí ẹlú máa yọ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Ìrora rẹ̀ máa ń le jù láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kókó náà fúnra rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ tán. Ohun tó ṣe awakọ̀ wa nìyẹn.

Ohun kẹta wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, ìyẹn ni ojú ihò ìdí tó ya. Ẹni tó bá ní in yóò sọ pé bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé òun ló ń rí nígbà tí ìgbẹ́ ń jáde, ìrora náà sì lè dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń wà, ṣùgbọ́n kókó lè má sí. Ohun tó dára ni pé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti oúnjẹ tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún òun náà.

Ṣé ṣúgà ló ń fà á?

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ń lá ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí yóò mú un. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí wú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi búrẹ́dì funfun, bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò yó, kò ní ráyè jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ó dà bí ẹni pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ọ̀nà tó gbà wá ni kì í ṣe èyí tí wọ́n rò. Ata náà kò fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ta ẹni tí ojú ihò ìdí rẹ̀ bá ya.

Ohun tó ń fà á ni ìgbẹ́ líle àti ipá tí èèyàn fi ń yà á. Bí èèyàn bá ń fún ara mọ́ra láti yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sínú àwọn tìmùtìmù náà, kò sì ní rọrùn fún un láti padà. Jíjókòó pẹ́ lórí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pàápàá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ń ṣe ohun kan náà, nítorí pé ìdí kò rí nǹkan fi ara tì. Oyún náà máa ń fà á, nítorí pé ọmọ inú ń tẹ àwọn iṣan náà, ara aláboyún sì máa ń mú kí ìgbẹ́ lọ́ra. Ìgbẹ́ gbuuru tó pẹ́ lára náà lè dá a sílẹ̀.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́: bí ẹ ṣe lè jókòó sínú rẹ̀

Nígbà tí ìdí bá ń dunni, iṣan tó yí ihò ìdí ká á fún ara rẹ̀ mọ́ra. Fífún náà á tún dá kún ìrora. Ooru omi máa ń jẹ́ kí iṣan yẹn dẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtura ti ń wá. Omi kò wo jẹ̀díjẹ̀dí sàn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èèyàn lè fara dà á títí tí ara yóò fi ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá bàsíà ńlá tí ẹ lè jókòó sí, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì ṣàn án nù dáadáa. Ẹ bu omi tútù sí i kí ẹ tó da omi gbígbóná mọ́ ọn, kó má baà bó yín. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́ yín tọ́ ọ wò: ó gbọ́dọ̀ dà bí omi tí ẹ lè fi wẹ ọmọdé. Bí ó bá ta yín, ó ti gbóná jù. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ara rẹ̀ kì í tètè mọ ooru mọ́, gbọ́dọ̀ ní kí ẹlòmíràn bá òun tọ́ ọ wò.

Kí omi náà bo ìdí. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá yàgbẹ́ tán. Omi lásán ti tó. Kò pọn dandan láti fi iyọ̀ sí i, ẹ má sì da oògùn apakòkòrò, ọṣẹ olóòórùn tàbí ọ̀ṣẹ́ ìfọṣọ sí i, nítorí pé wọ́n máa ń jó awọ ara tó ti bó tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dìde, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ. Ẹ má fi nù ún gidi gidi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn lóṣòó sórí ìkòkò omi tó ń hó kí oòrùn rẹ̀ lè fẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti fi bẹ́ẹ̀ jóná níbi tí kò dára kéèyàn ti jóná. Bí kókó náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tó sì wú, omi dídì tí ẹ fi aṣọ wé, tí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú 10, náà lè mú kó rọlẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ń fi omi inú búútà fọ ìdí sàn ju ẹni tó ń fi pépà líle nu ún lọ.

Fáíbà: ohun tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀

Fáíbà ni apá oúnjẹ tí inú wa kò lè dà. Ó ń fa omi mọ́ra nínú ìfun, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tóbi, kó rọ̀, kó sì yọ̀ jáde láìsí ipá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ lórí ẹni tó ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n rí i pé lílo fáíbà dín ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kù ní nǹkan bí ìdajì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èèyàn tó rí gbogbo èrè rẹ̀.

Àgbàlagbà nílò gíráàmù 25 sí 30 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí awakọ̀ wa ṣe lè rí i láàárín oúnjẹ tó wà lójú ọ̀nà láti Kánò dé Èkó. Bí ó bá jẹ ife ẹ̀wà sísè kan tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ láàárọ̀, ó ti rí gíráàmù bíi 11. Ọsàn kan tó jẹ pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, tí kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan ló fà mu, á fi bíi 3 kún un. Ife ìbẹ́pẹ gígé kan á fún un ní nǹkan bíi 2 àti ààbọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan náà á fún un ní bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá fi túwó ọkà bàbà tí wọn kò sẹ́ eérí kúrò nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ilá lálẹ́, ó ti tún rí bíi 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27.

Ẹ wá fi èyí wé oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ife ìrẹsì funfun sísè kan kò ní ju gíráàmù kan lọ. Ègé búrẹ́dì funfun kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹran, ẹyin àti ẹja kò ní fáíbà rárá. Ògì tí wọ́n sẹ́ dáadáa náà ti pàdánù eérí, eérí ọ̀hún sì ni fáíbà wà. Ìdí nìyí tí àkàrà tí wọ́n bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ nù kò fi tó ẹ̀wà oníèèpo.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn ti ìwọ̀nba díẹ̀ fò sí púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Inú á wú, afẹ́fẹ́ á máa jáde, ẹni náà á sì ní oúnjẹ náà kò bá òun lára mu. Ẹ fi oúnjẹ kan kún un lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Èkejì ni kí èèyàn jẹ fáíbà láìmu omi. Fáíbà tí kò rí omi fà lè mú kí ìgbẹ́ le sí i. Omi ọ̀rá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ntílítà 50 yóò fún yín ní lítà méjì, ẹni tó wà nínú oòrùn sì máa nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lè pín in láti ìṣínu títí di sààrì. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi mímu kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè.

Ohun mìíràn tó ń ran fáíbà lọ́wọ́ ni ìṣesí nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ lọ ní kété tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n yín. Bí ìjókòó bá ga, ẹ fi ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí nǹkan kan kò jáde, ẹ dìde, kí ẹ padà wá nígbà tó bá tún gbọ̀n yín.

Oògùn àti àgbo ńkọ́?

Fún ìrora, parasitámọ̀ dára bí ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ẹ yẹra fún tíràmádọ̀ àti kódíìnì, nítorí pé wọ́n máa ń dì ìgbẹ́ mọ́ inú, wọn yóò sì dá yín padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Asipirín àti ibupurofẹ́nì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní kí ẹ máa lo asipirín nítorí ọkàn yín, ẹ má dá a dúró láìsọ fún un. Ìpara tó ń pa ìrora wà nílé ìtajà oògùn. Èyí tó bá ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì nínú, ẹ má lò ó ju ọjọ́ méje lọ, nítorí pé ó máa ń mú awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́.

Àgbo inú ògógóró ní ìṣòro méjì. Ọtí ń fa omi kúrò lára, ìgbẹ́ á sì tún gbẹ. Ohun tó wà nínú àgbo náà sì lè mú inú ṣí lójijì, ìgbẹ́ gbuuru á wá bó ibi tó ti ń dunni tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun á fi oògùn jó kókó náà tàbí òun á fi abẹ gé e nílé, ẹ sá fún un.

Àwọn àmì tó yẹ kó gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, bí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá bá ń jáde, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí àyà yín ń lù kìkì tàbí tí ẹ dákú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tó sì ń rùn lọ́nà tó yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn lókè ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń fún ara ní irin, irú èyí tí wọ́n ń fún aláboyún, náà lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó. Bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora tó ń lù kìkì, tàbí bí ẹ kò bá lè tọ̀, ó lè jẹ́ pé ọyún ti kó sí ibẹ̀. Bí nǹkan tó yọ síta bá kọ̀ láti padà, tó ń dúdú sí i, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pò mọ́ ìgbẹ́, bí ikun bá wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ìgbẹ́ yín ti yí padà, tàbí bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ìgbẹ́ ṣì kù nínú lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán. Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti kòkòrò atọ̀sí tó ń gbé inú ìfun lè fa irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà sì lè fà á. Jẹjẹrẹ yìí kì í ṣe ti arúgbó nìkan. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà máa ń rí i lára àwọn tí kò tíì pé 50, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti fi oṣù púpọ̀ tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ti lé ní 40 tí ẹ̀jẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, aláboyún, àti ẹni tí kò rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ìtọ́jú nílé, gbogbo wọn ló yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò, bí ẹ̀jẹ̀ náà kò tilẹ̀ pọ̀.

Kí ni wọn yóò ṣe fún yín níbẹ̀?

Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò gùn. Dókítà á bi yín léèrè ọ̀rọ̀, á ní kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kí ẹ ká orúnkún, á wo ìta, á sì fi ìka kan tó fi rọ́bà bò wọlé láti mọ̀ bóyá kókó líle wà nínú. Ó lè fi ọ̀pá kúkúrú kan wo inú. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ yín láti mọ̀ bóyá ó ti dínkù jù. Bí àmì jẹjẹrẹ bá wà, wọn yóò fi rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà wo gbogbo ìfun ńlá.

Fún èyí tó wà nínú, wọ́n lè fi rọ́bà kékeré so ó nídìí, yóò sì gbẹ, yóò já dànù ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Fún kókó ìta tí ẹ̀jẹ̀ dì sí, bí ìrora bá le tí ẹ sì tètè dé láàárín wákàtí 72, dókítà lè pa ìmọ̀lára ibẹ̀ kó sì là á. Lẹ́yìn àkókò yẹn, ó sábà máa ń sàn jù kí wọ́n jẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀.

Ní ti awakọ̀ wa, bó bá sinmi ọjọ́ mẹ́ta, tó ń jókòó sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tó sì ń mu omi rẹ̀, ìrora náà yẹ kó ti dínkù ní ọjọ́ kẹrin, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti dúró kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí bí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí a kà sílẹ̀ bá yọjú, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Bí ó bá sì padà sójú títì, kó tún máa dúró tọ̀. Ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni yóò jẹ́ kó lè mu omi tí ìgbẹ́ rẹ̀ nílò.